Ike Tí Òtútù Ń Bà Jẹ́: Bí A Ṣe Ń Fi Pírńtà Tẹ Polikábọ́nétì

Ìgò omi ńlá aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń dojú rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ omi ní ọ́fíìsì, tó máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e tí kì í sì í fọ́, polikábọ́nétì ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Òun náà ló bo iná iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lónìí níbi tí gíláàsì wà tẹ́lẹ̀. Òun ló wà lójú àwọn tó ń lọ irin kí ẹ̀ta iná má baà wọ̀ wọ́n lójú, òun sì ni páànù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá tí àwọn onílé fi ń bo ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Hermann Schnell, onímọ̀ kẹ́mísírì ní iléeṣẹ́ Bayer ní ilẹ̀ Jámánì, ló ṣe é ní 1953. Láàárín àkókò kan náà, Daniel Fox ní iléeṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà náà ṣe é, láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe.

Ike yìí le, síbẹ̀ kì í ṣẹ́ bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi òòlù lù ú, á tẹ̀, á sì padà sí ipò rẹ̀. Ooru pàápàá kì í tètè mú un. Ìdí nìyẹn tí ọkàn àwọn tó ní pírńtà tirí-díì nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù fi máa ń fà sí i. Fún ẹni tí kò tíì rí irú pírńtà bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rọ kan ni tó ń fa okùn ike tín-ín-rín wọlé, tó ń yọ́ ọ, tó sì ń fi ike yíyọ́ náà ya àwòrán sórí pẹpẹ pẹlẹbẹ kan, ìpele lórí ìpele, títí nǹkan náà yóò fi dìde. Okùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ni PLA. Ó rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n tí ooru bá ti tó nǹkan bí dígírì 60 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì, á rọ̀. Ẹ fi nǹkan tí wọ́n fi PLA ṣe sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn ní Ìbàdàn ní oṣù Ẹrẹ́nà, yóò ti wọ́ kí ẹ tó dé. PETG ń fara dà á dé nǹkan bí 80, ABS dé nǹkan bí 105. Polikábọ́nétì kì í rọ̀ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 147. Nínú àwọn okùn tí ènìyàn lè rà ní owó tí kò pọ̀ jù, òun ni mo fẹ́ràn jù fún ohun tí yóò ṣiṣẹ́ gan-an.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ra á tí wọn kò rí nǹkan kan tẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n máa ń rò ni pé ẹ̀rọ àwọn kò gbóná tó, wọ́n á sì lọ ra orí tuntun fún un. Orí tuntun náà á gbóná dáadáa, ike á yọ́, iṣẹ́ náà á sì tún bàjẹ́. Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé yíyọ́ polikábọ́nétì kọ́ ni iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀. Bó ṣe ń tutù ni iṣẹ́. Orí ẹ̀rọ, àpótí tó bo ẹ̀rọ àti pẹpẹ tí iṣẹ́ dúró lé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe ohun kan náà: wọn kò jẹ́ kí ike náà tutù kí àkókò tó tó.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ká sì tẹ̀lé e dé òpin. Ká ní mẹkáníìkì kan fẹ́ irin ìdìmú kan tí yóò di wáyà mú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, kí wáyà má baà kan fáànù radiétọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ti ṣẹ́, wọn kì í sì í tà á lọ́tọ̀. Ohun náà gùn tó mìlímítà 150, ó fẹ̀ tó 30, ó nípọn tó 6, ó ní ihò bóòtì méjì ní ìdí kan àti ìkọ́ ní ìdí kejì. Níbẹ̀, tí ọkọ̀ bá wà nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ooru lè sún mọ́ 100. PLA àti PETG kò lè dé ibẹ̀ rárá, ABS á wà ní etí ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Polikábọ́nétì ló yẹ iṣẹ́ náà.

Kí a tó tan ẹ̀rọ, okùn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Polikábọ́nétì ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún ọ̀rinrin ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún. Ojú kò lè rí omi náà lára okùn. Ìgbà tí okùn bá wọ inú ooru 280 ni omi yóò fi ara rẹ̀ hàn: yóò di ooru gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ óò máa gbọ́ ta-ta-ta lẹ́nu ẹ̀rọ bí ìgbà tí omi kán sínú epo tó ń hó. Ariwo náà kọ́ ni ewu. Ní ooru tó tó bẹ́ẹ̀, omi ń já ẹ̀wọ̀n gígùn tó so ike náà pọ̀ sí wẹ́wẹ́, èyí tó bá sì ti já kì í so padà. Ohun tí ẹ bá fi irú okùn bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lè dára lójú kí ó sì ṣẹ́ bíi bísíkíìtì. Nítorí náà, ẹ gbẹ okùn náà ní ooru 80 sí 90 fún bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ èso kì í sábà ju 70 lọ, ìyẹn kò tó dáadáa. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ ìgbẹ́kùn lè gbé ró okùn náà sórí pẹpẹ pírńtà fúnra rẹ̀, kí ó tan pẹpẹ sí 100, kí ó sì fi páálí bò ó, kí ó máa yí i padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká okùn sí lè fara da ooru náà, nítorí àwọn kan wà tó máa ń wọ́ kí okùn tó gbẹ.

Ọ̀nà tí ẹ óò fi mọ̀ pé ó ti gbẹ kò le. Ẹ gbé orí ẹ̀rọ sókè, ẹ gbóná rẹ̀ dé ibi tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tu bíi mìlímítà 100 sínú afẹ́fẹ́. Tí ohun tó jáde bá ń dán, tó tẹ́jú, tí kò ní bọ́lọ́bọ̀lọ̀ nínú, ó ti gbẹ. Tí ó bá funfun bí omi ẹ̀kọ tàbí tó ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ dá a padà síbi ìgbẹ. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ iṣẹ́ gan-an, kí okùn máa ti inú ike onídèérí tí ẹ da sílíkà jẹ́ẹ̀lì sí jáde, nítorí pé òru kan ṣoṣo ní gbangba ní àkókò òjò lè ba iṣẹ́ ìgbẹ náà jẹ́.

Ó kan orí ẹ̀rọ báyìí, ibi tí okùn ti ń yọ́, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní họ́tẹ́ǹdì. Apá mẹ́ta ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan wà tí iná ń gbóná, nọ́sù idẹ tó ní ihò mìlímítà 0.4 wà lábẹ́ rẹ̀, ọrùn tín-ín-rín kan sì wà lókè rẹ̀ tó yẹ kí ó dá ooru dúró kí ó má baà gun òkè. Nínú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pá tẹ́fílọ́nù funfun ló gba inú ọrùn yẹn kọjá títí ó fi kan nọ́sù. Tẹ́fílọ́nù yẹn ni ìṣòro. Tí ooru bá ti kọjá 240 tàbí 250, ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èéfín tó ń tú jáde kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, ó sì lè pa ẹyẹ tí wọ́n ń sìn nínú yàrá. Polikábọ́nétì tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ ike mìíràn kí ó lè rọrùn ń béèrè nǹkan bí 260 sí 285. Ojúlówó rẹ̀ tí wọn kò lú lè béèrè 290 títí dé 310. Èyí túmọ̀ sí pé orí tó ní tẹ́fílọ́nù nínú kò lè ṣe é. Ẹ nílò èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ titaníọ́mù tàbí irin tí kì í dípẹtà.

Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí àwọn kan sùn tí kò sì yẹ kó dà wọ́n láàmú. Wọ́n á ní tí àpótí bá gbóná, ooru á gun ọrùn ẹ̀rọ lọ, okùn á rọ̀ lókè kí ó tó dé ibi ìyọ́, á sì há. Òótọ́ ni fún PLA tó ń rọ̀ ní 60. Ṣùgbọ́n polikábọ́nétì kì í rọ̀ títí di 147, kò sì sí àpótí ilé kankan tó gbóná dé ibẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí fáànù tó ń tutù ọrùn náà máa ṣiṣẹ́ nìṣó, kí ẹ sì fọkàn balẹ̀. Bí ó bá há, ẹ wo inú nọ́sù: ike tó dúró síbẹ̀ pẹ́ nínú 290 máa ń jóná di àwọ̀ ilẹ̀, ìyẹn ló sábà máa ń dí i. Ẹ má fi orí sílẹ̀ kó máa gbóná nígbà tí kò ṣiṣẹ́.

Apá kejì ni èyí tó ń wọn ooru. Tẹmísítọ̀ kékeré tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ṣeé gbára lé tí ooru bá ti ń sún mọ́ 300. Ẹni tí yóò tẹ ojúlówó polikábọ́nétì yẹ kó fi PT1000 rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ètò inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní ààlà. Nínú Marlin, `HEATER_0_MAXTEMP` sábà máa ń wà ní 275, ẹ̀rọ náà sì ń yọ 15 kúrò nínú rẹ̀ fún ààbò, nítorí náà kò ní gbà kí ẹ béèrè ju 260 lọ. Ààlà yẹn wà níbẹ̀ nítorí tẹ́fílọ́nù àti tẹmísítọ̀ tí mo sọ̀rọ̀ wọn. Ẹ má gbé e sókè àyàfi tí ẹ bá ti pààrọ̀ àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́ bí yóò ṣe di ooru tuntun náà mú láìmì sókè sódò:

```
M303 E0 S280 C8 U1
M500
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń gbóná orí náà dé 280, ó sì ń jẹ́ kó tutù díẹ̀ kó tún gbóná, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, títí yóò fi mọ bí iná ṣe ń ṣe nínú rẹ̀. Ìkejì ń fi ohun tó kọ́ pamọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni a dé yìí. Ike tó jáde lẹ́nu nọ́sù wà ní 280. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìpele tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe lílẹ̀ bíi ti gọ́ọ̀mù. Àwọn ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín tó wà nínú ike náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ rìn kọjá ààlà, kí tòkè wọ inú tìsàlẹ̀, kí méjèèjì di ọ̀kan. Wọn kì í lè rìn mọ́ tí ooru bá ti wálẹ̀ kọjá 147. PLA ní àkókò púpọ̀ láti ṣe èyí, nítorí pé láti 210 títí dé 60 ló lè rìn. Polikábọ́nétì ń tutù sínú afẹ́fẹ́ tó wà ní 30, ààlà tirẹ̀ sì ga jìnnà, nítorí náà àkókò tó ní kúrú gan-an. Ìdí rèé tí a fi ń pa fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sórí iṣẹ́ pátápátá, tàbí kí a jẹ́ kó fẹ́ díẹ̀ níbi tí ike ti ń gba orí àlàfo kọjá. Ẹni tó bá fi fáànù sílẹ̀ bó ṣe wà fún PLA yóò rí iṣẹ́ tó lẹ́wà tí ọwọ́ lè là sí méjì.

Ohun kejì tí òtútù ń ṣe ni súnkì. Gbogbo ike ló ń súnkì tó bá ń tutù, ti polikábọ́nétì sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.068 fún mítà kan fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Kò jọ nǹkan kan lójú. Ẹ jẹ́ ká fi wọn ìdìmú mẹkáníìkì wa tó gùn tó 150. Fún dígírì kan ṣoṣo, ó ń súnkì ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Nígbà tó wà lókè 147, súnkì náà kò fa wàhálà, torí pé ike ṣì rọ̀, á tún ara rẹ̀ tò. Láti 147 dé 30, dígírì 117 ló wà níbẹ̀, nítorí náà ìpele kọ̀ọ̀kan fẹ́ kúrú ní nǹkan bíi mìlímítà 1.2. Kò sì lè kúrú, nítorí pé ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti súnkì tirẹ̀ tán, ó ti le. Tòkè á máa fa tìsàlẹ̀ láti igun méjèèjì wá sí àárín. Ìpele kan ń fà, èkejì ń fà lórí rẹ̀, ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn bí ogún ìpele, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló máa ṣẹlẹ̀: yálà igun iṣẹ́ ṣí kúrò lórí pẹpẹ, tàbí kí iṣẹ́ náà là láàárín, kí ẹ sì gbọ́ pẹ́ẹ́ láti inú ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn ó ń là ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, lórí tábìlì.

Tí afẹ́fẹ́ tó yí iṣẹ́ ká bá wà ní 60 dípò 30, òǹkà náà bọ́ sí dígírì 87, súnkì náà sì di nǹkan bíi mìlímítà 0.9. Tí ó bá wà ní 90, ó di bíi 0.6, ìdajì ti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí àpótí ń ṣe nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù súnkì náà ṣì máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí àpótí, ṣùgbọ́n nígbà náà gbogbo ara iṣẹ́ ló ń súnkì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìpele tó ń fa ìpele. Àwọn ẹ̀rọ ńlá ilé iṣẹ́ ti mọ èyí tipẹ́. Ní 2004 ni iléeṣẹ́ Stratasys ní Amẹ́ríkà gba páténtì lórí ẹ̀rọ tó ní yàrá gbígbóná, tí àwọn mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́yìn òde yàrá náà, kò sì yani lẹ́nu pé ó pẹ́ kí irú rẹ̀ tó dé inú àwọn ẹ̀rọ ilé. Ọjọ́ páténtì náà ti kọjá báyìí, àwọn ẹ̀rọ ilé tó lè gbóná yàrá wọn dé 60 tàbí 65 sì ti wà lọ́jà.

Ẹni tí kò ní irú rẹ̀ lè kan àpótí fúnra rẹ̀. Pẹpẹ tó wà ní 110 nínú àpótí tó dé dáadáa yóò gbé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dé 50 sí 60 láàárín bí wákàtí kan láìsí híítà mìíràn. Ní ti èyí, ojú ọjọ́ wa ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé yàrá tó wà ní 32 sún mọ́ ibi tí a ń lọ ju yàrá tó wà ní 18 lọ. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù àti fáànù òkè. Férémù alumíníọ́mù tí àwọn oníwíńdò ń gé àti páànù polikábọ́nétì oníhò tí wọ́n ń tà fún òrùlé dára fún àpótí náà. Èrò mi ni pé kí ẹ yẹra fún fóòmù funfun àti aṣọ, nítorí iná. Ohun tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní páwà sọ́pláì, kí ó wà níta àpótí, torí pé wọn kò ṣe é fún ooru tó kọjá nǹkan bí 50. Ẹ yẹ ara ẹ̀rọ yín wò pẹ̀lú: tí ẹnì kan bá ti fi PLA tẹ apá kan lára rẹ̀, apá yẹn á wọ́ nínú àpótí. Ẹ fi ohun tó ń gbọ́ òórùn èéfín sí òkè àpótí, kí ẹ sì fi fèrèsé yàrá sílẹ̀ ní ṣíṣí tí iṣẹ́ bá ti parí, torí èéfín polikábọ́nétì gbígbóná kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa fà símú.

Pẹpẹ ló kù. Níhìn-ín, ìyàtọ̀ kan wà tó máa ń ya àwọn tó mọ PLA lẹ́nu. Ìbẹ̀rù wọn ni pé polikábọ́nétì kò ní lẹ̀. Òótọ́ ni, tí pẹpẹ bá wà ní 60, kò ní lẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tí pẹpẹ bá wà ní 110, tí ó sì jẹ́ pẹpẹ PEI tó dán, ó lè lẹ̀ jù. Ike gbígbóná náà á so mọ́ PEI débi pé nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ iṣẹ́, awọ pẹpẹ á tẹ̀lé e. Lórí gíláàsì lásán, ó ti ṣẹlẹ̀ pé iṣẹ́ fa ẹ̀rún gíláàsì jáde nígbà tó ń súnkì. Nítorí náà, ẹ fi ohun kan sáàárín. Gọ́ọ̀mù onígi tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ bébà, tí wọ́n ń yí láti ìdí kó tó yọ orí, ni ó dára jù, ó sì pọ̀ ní gbogbo ilé ìtàwé. Ẹ fi pa ojú pẹpẹ nígbà tó ṣì tutù, ní ìpele kan tó fẹ́lẹ́. Yóò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró nígbà tí ó bá gbóná, yóò sì jẹ́ kó ṣí nígbà tó bá tutù. Lẹ́yìn iṣẹ́, omi lásán ni ẹ óò fi fọ̀ ọ́ kúrò.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé pẹpẹ irin náà ń wú tó bá gbóná. Ẹni tó bá tún gíga nọ́sù ṣe nígbà tí ẹ̀rọ tutù, tó wá tan pẹpẹ sí 110, àlàfo tó fi sílẹ̀ ti yí padà. Ẹ tan pẹpẹ, ẹ ti àpótí, ẹ dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ tó wọn gíga náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tẹ ìdìmú mẹkáníìkì. Mo máa yan èyí tí wọ́n lú, irú PC Blend tí iléeṣẹ́ Prusa ní Ṣẹ́ẹ̀kì ń tà, tó ń béèrè 275 fún nọ́sù àti 110 fún pẹpẹ. Kí ìdìmú náà dùbúlẹ̀, kí gígùn rẹ̀ wà lórí pẹpẹ, torí pé agbára ìpele kò tó agbára okùn tó gùn, ìkọ́ tó dúró sókè á ṣẹ́ níbi ìpele. Kí gbogbo igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ róbótó, torí pé igun tó mú ni súnkì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí iṣẹ́. Ẹ fi etí pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mìlímítà 8 yí ìdí rẹ̀ ká láti mú un mọ́lẹ̀, ọ̀bẹ ni ẹ óò fi gé e kúrò. Ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.2, ògiri mẹ́rin, ìrìn nọ́sù bíi mìlímítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fáànù pípa. Àpótí ti gbóná fún ogójì ìṣẹ́jú, òǹkà inú rẹ̀ sì ń sọ pé 55. Ìpele àkọ́kọ́ ni ẹ óò dúró tì. Tó bá tẹ́jú tí ìlà kan sì so mọ́ èkejì láìsí àlàfo, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ má sì ṣí i mọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ṣíṣí ilẹ̀kùn láti wo bó ṣe ń lọ wà lára ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, torí pé atẹ́gùn tútù kan ṣoṣo lè fi ìlà tí kò lágbára sílẹ̀ ní ìpele yẹn.

Iná mànàmáná náà ń kọ́ lára ọ̀rọ̀ yìí. Pẹpẹ ẹ̀rọ kékeré lè máa gba nǹkan bíi wáàtì 250 nígbà tó bá ń gbóná. Tí NEPA bá mú iná lọ ní àárín iṣẹ́ PLA, ẹ̀rọ tó ní ètò ìrántí lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ti polikábọ́nétì kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín bí ìdajì wákàtí, pẹpẹ á tutù, iṣẹ́ á súnkì, á sì ṣí kúrò lórí gọ́ọ̀mù, bí iná bá sì dé, nọ́sù á máa tẹ̀ sórí ohun tó ti kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìnfátà tó lè gbé pẹpẹ àti orí pọ̀ títí dé òpin iṣẹ́, kí ó máa tẹ nǹkan kékeré tí kò ní pẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa pẹpẹ, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, títí ooru pẹpẹ yóò fi bọ́ sísàlẹ̀ 50. Ìdìmú náà á ṣí fúnra rẹ̀, ẹ lè gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀: ìlà funfun tín-ín-rín láàárín ìpele túmọ̀ sí pé ó ti là, kì í ṣe ohun tí gọ́ọ̀mù lè tún ṣe. Ẹ gbìyànjú láti tẹ ìkọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́. Ó yẹ kí ó tẹ̀, kó sì padà.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ parí sí, mẹkáníìkì wa sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀tanjẹ ńlá ni láti rò pé ike tó lè gba òòlù lè gba ohun gbogbo. Bẹntiróòlù, òróró bíréékì, asẹtóònù, àti gọ́ọ̀mù pupa tàbí búlúù tí wọ́n fi ń di bóòtì kó má tú, gbogbo wọn ló lè mú kí polikábọ́nétì là wẹ́wẹ́, pàápàá níbi tí bóòtì ti fún un pa. Omi gbígbóná tó bá ń kàn án fún oṣù púpọ̀ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdìmú wáyà tó wà ní gbígbẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dára. Èyí tí yóò di ọ̀pá bẹntiróòlù tàbí ọ̀pá omi radiétọ̀ mú, ẹ má fi í ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀, tí owó yín kò sì tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ kan àpótí, kí ẹ wá ọ̀nà tí ẹ óò fi máa gbẹ okùn, lẹ́yìn náà kí ẹ ra orí onírin tí kò ní tẹ́fílọ́nù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okùn tí wọ́n lú, ẹ sì fi ojúlówó tó ń béèrè 300 sílẹ̀ títí tí ìdìmú tó gùn tó 150 yóò fi jáde lórí pẹpẹ yín láìṣí igun.